Mọ̀mí, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ọ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́ sáìn rè é

Ẹ kú ọjà o mà. Mo ti ka ìwé òyìnbó lórí bẹ́ ẹ ṣe máa bá kọ́ńpìnnì wa ta ọ̀dà kẹ́ ẹ sì gba kọmíṣọ̀n, èyí tí ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ránṣẹ́ sí yín ní Ṣágámù látòkè délẹ̀, ibi tó kan owó yín ni mo kọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáìn kẹ́ ẹ tó kà á tán.

Ibi tí ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, abala 6, ìgbà tí kọmíṣọ̀n di tiyín. Kì í ṣe ọjọ́ tí kọsitọ́mà ní òun máa rà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí mọ́tò já ọ̀dà fún un, ọjọ́ tí owó ẹ̀ bá wọ àkáǹtì kọ́ńpìnnì gan-an ni. Ká ní ẹnì kan kó ọ̀dà ₦1,000,000 tó wá san ₦400,000, kọmíṣọ̀n orí ₦400,000 yẹn nìkan lẹ máa gbà, tó bá san ìyókù lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba tìyókù. Ṣẹ́ẹ̀kì ò kà títí báǹkì á fi san án. Tí wọ́n bá sì fi alẹ́ẹ̀tì hàn yín lórí fóònù, ẹ pe ọ́fíìsì kí wọ́n wò ó bóyá owó ti wọlé, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́rù. Owó kọsitọ́mà ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ yín kọjá o, àkáǹtì kọ́ńpìnnì tààrà ni, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè tìtorí ẹ̀ fòpin sí àdéhùn.

Ọjọ́ 5 oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, ọjọ́ 15 lowó máa wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n fo orúkọ kan, láàárín ọjọ́ 14 lẹ ní láti kọ̀wé, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní ẹ ti gbà pé ó pé nìyẹn. Ẹ máa tọ́jú kọ́pì ínfọ́ìsì gbogbo, mo bẹ̀ yín.

Ó ku iye kọmíṣọ̀n. Abala 4 ni, pásẹ́ǹtì 6 lórí gbogbo ọ̀dà, orí owó ọ̀dà nìkan, owó mọ́tò ò sí níbẹ̀. Rọ́bà 50 ní ₦20,000, ₦1,000,000 nìyẹn, kọmíṣọ̀n ẹ̀ ₦60,000. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bá kọsitọ́mà bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi gé e sí ₦950,000, ₦57,000 lẹ máa rí, ẹ̀dínwó yẹn kan tiyín náà. Tówó tó wọlé lóṣù kan bá ju ₦3,000,000 lọ, èyí tó lé yẹn máa di pásẹ́ǹtì 8. Èyí tó lé nìkan o! Tó bá jẹ́ ₦4,000,000, ₦180,000 lórí mẹ́ta àkọ́kọ́, ₦80,000 lórí ìkẹrin, àpapọ̀ ₦260,000, kì í ṣe ₦320,000. Tí kọsitọ́mà bá dá ọjà padà tí wọ́n sì dá owó fún un, wọ́n á yọ kọmíṣọ̀n ẹ̀ nínú ti oṣù tó ń bọ̀.

Àdúgbò yín, ibi tẹ́ ẹ ti lè gba kọmíṣọ̀n, ni ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ, ìyẹn kó Ìpéru, Ìlíṣàn, Ògèrè, Òde-Rẹ́mọ, Ìṣarà àti Ìpara mọ́ ọn. Odògbolú àti Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ti ẹlòmíì, kódà kó jẹ́ àbúrò yín ló ń kọ́lé síbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá já ẹrù sí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti pàdé ẹni náà. Ògijó wà lábẹ́ Ṣágámù, tiyín ni, àmọ́ kọsitọ́mà láti Ìkòròdú tó yà sí Ògijó tó wá ní kí wọ́n lọ já ọ̀dà ẹ̀ sí Ìkòròdú, ẹ ò ní gba kọbọ̀ lórí ẹ̀. Nítorí náà ẹ máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì sáìtì pé pérépéré sórí ínfọ́ìsì.

Kọsitọ́mà mẹ́ta tórúkọ wọn wà lójú ewé tó kẹ́yìn, kọ́ńpìnnì ló ń tà fún wọn fúnra ẹ̀, kò sí kọmíṣọ̀n níbẹ̀. Kọsitọ́mà mìíì ní àdúgbò yín tó bá lọ ra ọ̀dà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì tààrà, ìdajì, pásẹ́ǹtì 3, lẹ máa gbà. Lójú tèmi, ìdajì yìí kéré fún ẹni tẹ́ ẹ ti ń bá ṣòwò tẹ́lẹ̀, mo sì ti sọ fún ọ̀gá, ó ní tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ àwọn tó ń rà lọ́dọ̀ yín báyìí kí àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á fi mọ́ ọn kẹ́ ẹ máa gba pásẹ́ǹtì 6 lórí wọn.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí àdéhùn yìí tán, ìkìlọ̀ ọjọ́ 30 ni. Ọjà tẹ́ ẹ ti tà kó tó tán, tówó ẹ̀ bá wọlé láàárín ọjọ́ 90, tiyín ṣì ni.

Ohun kan wà ní abala 14 tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: tí àlàyé mi yìí àti ìwé òyìnbó bá yàtọ̀, ti òyìnbó ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó kà á. Ẹ fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi tí nǹkan kan ò bá yé yín, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ àwọn kọsitọ́mà yẹn ránṣẹ́ kó tó di Fúráìdé, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tuntun tẹ́ ẹ máa sáìn.