Ìdí Tí Ewé Ìbẹ́pẹ Fi Ń Pọ́n

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ sún mọ́ iwájú, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn náà lè rí orí tábìlì.

Ewé méjì ni mo kó wá. Ara igi ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo ni mo ti já wọn láàárọ̀ yìí, èyí tí ó wà lẹ́bàá kànga yẹn. Ewé àkọ́kọ́ yìí, òkè ni ó wà, ó tutù yọ̀yọ̀. Ṣíṣẹ́ ni mo ṣẹ́ ẹ, oje funfun sì kán sí mi lápá. Èkejì, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó wà. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ni ó já, ojú ibi tí ó ti já lára igi sì mọ́ bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, bí ìyeyè. Igi kan náà, oòrùn kan náà, òjò kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi pọ́n?

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní ó ti kú. Rárá o. Ewé tí ó bá kú ni ewé gbígbẹ, tí ó ń dún wárawàra lábẹ́ bàtà. Èyí kò tíì kú. Títí di àárọ̀ yìí, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń mí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìkẹyìn ni ó ń ṣe: ó ń tú ilé ara rẹ̀, ó ń di ẹrù, ó ń fi í ránṣẹ́ sókè.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kílórofíìlì ni ó ń mú kí ewé rí bí ewé, ẹ ti mọ ìyẹn láti kíláàsì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ó ṣe rí nínú. Oríṣi rẹ̀ tí ó pọ̀ jù lọ nínú ewé nìyí, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó:

C55H72MgN4O5

Ẹ wo Mg yẹn. Átọ̀mù maginíṣíọ̀mù kan ṣoṣo, N mẹ́rin sì yí i ká, wọ́n dì í mú láàárín bí òkúta orí òrùka. Ìrù gígùn kan wá so mọ́ òrùka náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òrùka yìí ni ó ń mú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Bí ewé bá dàgbà, ẹ́ńsáìmù ni ó ń tú u, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀kan yóò yọ maginíṣíọ̀mù kúrò láàárín. Òmíràn yóò gé ìrù. Ẹ̀kẹta yóò wá já òrùka fúnra rẹ̀, kò ní lè di òrùka mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ti tán. Àjákù tí ó kù kò ní àwọ̀ tí ojú wa lè rí, inú àpò omi tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ń kó o pamọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń se ewédú nílé, ẹ ti rí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn rí, ẹ kàn lè má mọ̀ ni. Bí ewédú bá pẹ́ jù lórí iná, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, á di ràkọ̀ràkọ̀. Iná àti ásíìdì inú ewé náà ni ó lé maginíṣíọ̀mù kúrò nínú òrùka. Ìdí nìyí tí kaun fi ń jẹ́ kí ewédú dúró ní tútù: kaun ń pa ásíìdì náà. Àwọn ìyá wa ti ń dáàbò bo maginíṣíọ̀mù láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Níbo wá ni àwọ̀ ìyeyè ti wá? Kò ti ibì kankan wá, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Karotíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni, inú ewé tútù ni wọ́n wà láti kékeré, kílórofíìlì ni ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kí ẹ má bàa rò pé ẹnu lásán ni, ẹ wo bébà méjì yìí. Lánàá, mo gún ewé tútù, mo pò ó mọ́ sípíríìtì, mo wá ti etí bébà bọ̀ ọ́ kí ó máa fà á sókè. Ẹ rí i: ìlà aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ìlà ìyeyè tín-ín-rín lókè rẹ̀. Bébà kejì, ewé tí ó pọ́n ni mo lò. Ìlà ìyeyè nìkan ni ó ní. (Igi fúrúùtù yàtọ̀ o. Pupa tí ewé tirẹ̀ ń pọ́n kí ó tó wọ́, àwọ̀ tuntun ni igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Ìbéèrè tí ó wù mí jù nìyí: kí ni igi ń wá tí ó fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Náítírójìn ni. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin náítírójìn inú ewé, inú kílóropílásìtì ni ó wà, nínú purotéènì. Ewé ìsàlẹ̀ ti wà lábẹ́ òjìji àwọn tòkè, kò rí oòrùn tó mọ́. Igi á ní kí ó kó náítírójìn rẹ̀ wá fún ewé tuntun àti èso. Àmọ́ purotéènì yẹn ni ó gbé kílórofíìlì dání. Bí a bá tú purotéènì, tí kílórofíìlì wá ń rìn gbéregbère, á ṣì máa mú ìmọ́lẹ̀, kò sì ní rí ibi gbé e sí. Á gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn á sì di oró tí ń jó sẹ́ẹ̀lì. Wáyà tí iná wà nínú rẹ̀ tí a já síta ni. Òṣìṣẹ́ mànàmáná kì í tú wáyà láìkọ́kọ́ pa iná. Pípa iná ni jíjá òrùka yẹn. Ẹ sì kíyè sí i: náítírójìn mẹ́rin ti kílórofíìlì fúnra rẹ̀, igi kì í gbà á padà, inú àpò omi ni ó ń bá ewé bọ́ sílẹ̀. Nítorí ti purotéènì ni ó ṣe fara da àdánù yẹn.

Ìdí nìyí tí àgbàdo tí kò rí ajílẹ̀ fi ń pọ́n láti ewé ìsàlẹ̀, láti ṣóńṣó wá sí ìdí. Ó ń gba lọ́wọ́ àgbà bọ́ ọmọdé.

Ẹ rántí ẹ̀wà tí Mẹ́ńdẹ̀lì kọ̀wé lé lórí ní 1866, oníyeyè àti aláwọ̀ ewé? Ní 2007 ni àwọn onímọ̀ rí jíìnì tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Jíìnì tí ń mú kí a tú kílórofíìlì ni. Irúgbìn aláwọ̀ ewé ni èyí tí jíìnì yẹn kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kódà ewé rẹ̀ kì í tètè pọ́n. Ohun tí ẹ ń kọ́ fún WAEC láti ọjọ́ yìí, ewé ìbẹ́pẹ yìí náà ni.

Èdè wa kò pín in sọ́nà méjì: ewé ń pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n. Ó sì tọ́, nítorí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń tú kílórofíìlì bí ó ti ń pọ́n. Ní 2008, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àjákù rẹ̀ nínú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń tàn bí búlúù lábẹ́ irú iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báǹkì. Mo ti yá ọ̀kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta nìyí: èyí tí kò tíì pọ́n, èyí tí ó ń pọ́n bọ̀, àti èyí tí ó pọ́n tán. Ẹ ti fèrèsé méjèèjì, ẹ fa kọ́tìnnì, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi.