Ìlapa Ìwàásù: Fílípì 4:6-7

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀mejì. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún ìjọ.

Èkíní: ẹ má ṣe àníyàn. Ẹ dárúkọ owó ilé tó ti pé, èsì àyẹ̀wò tí a ń retí, kí ẹ sì kọjá.

Èkejì: àdúrà pẹ̀lú ìdúpẹ́. A ń dúpẹ́ kí ìdáhùn tó dé.

Ẹ̀kẹta (ibí ni kí ẹ ti pẹ́ jù): àlàáfíà Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọkàn yín. Lédè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ológun ni "ṣọ́" yìí. Àwọn ọmọ ogun Róòmù tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tó tẹ̀dó sí Fílípì; wọ́n mọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè.

Lẹ́yìn náà, àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta.