Aṣọ Mẹ́fà Tó Wà Nílẹ̀: Ìbú, Ìwúwo, Nínà, Ìtọ́jú àti Yáàdì Tó Kù

Èmi fúnra mi ni mo wọn gbogbo aṣọ wọ̀nyí. Mo tú wọn kúrò lára róòlù lálẹ́ àná, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo sì jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀. Aṣọ tó ti pẹ́ lára róòlù ti nà díẹ̀. Bí a bá wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, yóò gùn ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Ìbú méjì lẹ óò máa rí: ìbú láti etí dé etí, àti ìbú tó wúlò. Etí aṣọ sábà máa ń ní ihò abẹ́rẹ́ tàbí gọ́ọ̀mù, kò ṣe é rán mọ́ aṣọ. Nígbà kan, mo ra aṣọ tí wọ́n kọ ínǹṣì 60 sí lára. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo fi 60 to pátánì, mo gé iwájú, mo gé ẹ̀yìn, mo gé apá òsì. Apá ọ̀tún kò ríbi jókòó sí. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé téèpù lé e: 56 péré ni. Oníbàárà ti san owó, aṣọ yẹn sì ti tán lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá wọ̀n ọ́n, mi ò ní kọ ọ́.

Ní ti ìwúwo, mo gé aṣọ kékeré kan, sẹ̀ńtímítà 10 lóòró, 10 níbùú, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, mo sì sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po 100. Bí ègé kékeré yẹn bá wọn gíráàmù 2.2, a jẹ́ pé mítà onígun mẹ́rin kan aṣọ náà á wọn gíráàmù 220. Ìyẹn ni nọ́ńbà tí mo kọ sísàlẹ̀ níbi gbogbo. Yáàdì tí mo ń lò jẹ́ ínǹṣì 36. Ẹni tí pátánì rẹ̀ bá wà ní mítà, kó rántí pé yáàdì 11 ló fi díẹ̀ ju mítà 10 lọ.

Jẹ́sì kọ́tìnì dúdú

Òwú kọ́tìnì 95 nínú ọgọ́rùn-ún, sípáńdẹ́kìsì 5. Láti etí dé etí, ínǹṣì 62. Tó wúlò, ínǹṣì 60, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 152. Ìwúwo gíráàmù 220. Yáàdì 23 ló kù, kò sí ojú ibi tí ó já.

Aṣọ yìí ni wọ́n ń béèrè ìbéèrè lé lórí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mo sàmì sí sẹ̀ńtímítà 10 níbùú, mo fà á títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà: ó dé 16. Lóòró, ó dé 13 àtààbọ̀. Nínà níbùú jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, lóòró 35. Mo wá fi sílẹ̀, mo kà dé ogún, mo tún wọ̀n ọ́n: níbùú ó padà sí 10 géérégé, lóòró ó ku díẹ̀ kó dé, 10.2 ni. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń rán ni pé ibi tó nà jù ni kó yí ara ká. Bí ẹ bá gbé pátánì sódì, tí ìbú aṣọ wá di òòró ṣòkòtò, orúnkún rẹ̀ yóò yọ wú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kò sì ní padà.

Mo gbé ìpele kan rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mi ò rí ọwọ́ mi lódìkejì. Ó wúwo tó fún ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀, ó sì fúyẹ́ tó fún ẹ̀wù àwọ̀kanlẹ̀. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ fi rán síkẹ́ẹ̀tì tí a kó aṣọ púpọ̀ jọ sí, á kàn wúwo níbàdí ni.

Etí tí ẹ bá gé máa ń ká, nítorí náà ẹ lo píìnnì púpọ̀ tàbí kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e. Abẹ́rẹ́ olórí róbótó, nọ́ńbà 75/11 tàbí 80/12. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó yóò gún òwú rẹ̀ já, ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ á sì máa yọ lójú ìrán lẹ́yìn ìfọ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ wíífìn, kó fi ìrán wọ́gọwọ̀gọ tóóró rán an. Ìrán gbọọrọ lásán yóò já nígbà àkọ́kọ́ tí ẹni náà bá gba aṣọ orí wọ̀. Ẹ má fà á lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Ẹ fi omi tútù tàbí omi ìwọ̀n 30 fọ̀ ọ́, kí inú rẹ̀ wà níta. Ẹ má fi bílíìṣì sí i, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná gan-an lọ̀ ọ́, torí ooru ló ń pa sípáńdẹ́kìsì. Ẹ tẹ́ ẹ gbẹ. Bí ẹ bá so ó rọ̀ nígbà tó ṣì ń kán omi, yóò gùn.

Léníìnì àwọ̀ eérú

Léníìnì gidi ni, kò sí òwú mìíràn nínú rẹ̀. Ìbú ínǹṣì 58, tó wúlò 57, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 145. Ìwúwo gíráàmù 185. Kò nà rárá, àfi tí ẹ bá gé e ní ìdábùú láti igun dé igun, ìgbà yẹn ni yóò fi ara hàn díẹ̀. Yáàdì 17 àtààbọ̀ ló kù.

Ó máa ń súnkì. Mo gé yáàdì kan, mo fi omi ìwọ̀n 40 fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Ínǹṣì 36 di 34 àtààbọ̀. Ẹni tó nílò yáàdì 3 yóò pàdánù ínǹṣì 4 àtààbọ̀, nítorí náà kó ra yáàdì 3 àti ìdá kan nínú mẹ́rin, kó sì fọ̀ ọ́ kó tó gé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo èyí.

Kókó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí ẹ óò rí lára rẹ̀ kì í ṣe àléébù, bí òwú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ àléébù gidi kan wà: ihò tó tó orí abẹ́rẹ́, ínǹṣì 4 sí etí òsì, ní yáàdì kẹfà. Mo ti so òwú pupa mọ́ etí aṣọ níbẹ̀. Ẹni tí ibẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́, mo máa fi ìdajì yáàdì kún tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ 80/12. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Tó bá ti gbẹ kanrangún, ìwúnjọ ara rẹ̀ kì í gbọ́ràn. Bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́ sí i ni yóò máa rọ̀ sí i.

Físíkósì olódòdó, aró lórí funfun

Ìbú ínǹṣì 55, tó wúlò 54, sẹ̀ńtímítà 137. Ìwúwo gíráàmù 120. Kò nà. Yáàdì 9 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù, àmọ́ ègé méjì ni: yáàdì 6 lápá kan, 3 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lápá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ yáàdì 7 kò ní rí i gbà ní òdidi.

Gbogbo òdòdó náà kọjú sókè, ínǹṣì 12 àtààbọ̀ síra wọn ni àwòrán náà ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ aṣọ yín bí ẹ bá fẹ́ kí òdòdó bá ara mu lójú ìrán ẹ̀gbẹ́.

Ó ń ṣàn lọ́wọ́ bí omi, ìyẹn ló dára fún gáùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìyẹn náà ló sì ń yọ aránṣọ lẹ́nu nígbà tó bá ń gé e. Mo máa ń tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń gé bébà àti aṣọ pọ̀. Yáàdì kan tí mo fọ̀ ní omi tútù padà wá ní ínǹṣì 33 àtààbọ̀, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e. Òwú rẹ̀ kì í lágbára nígbà tó bá tutù: ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fún omi rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má lọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ 70/10.

Déníìmù aró

Kọ́tìnì pátápátá, ìwúwo áńsì 12 fún yáàdì onígun mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 407. Ìbú tó wúlò ínǹṣì 58. Kò nà rárá, nítorí náà ẹ má fi pátánì ṣòkòtò alárọ́bà gé e. Yáàdì 31. Àwọ̀ aró rẹ̀ máa ń yọ: mo fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, ó di búlúù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dá a fọ̀ nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má sì fi funfun ṣe àpò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ 100/16. Ibi tí ìrán mẹ́rin bá ti pàdé, ẹ fi òòlù lù ú kó pẹlẹbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ṣẹ́dà sátíìnì, àwọ̀ osùn

Ìbú ínǹṣì 45, tó wúlò 44. Ìwúwo gíráàmù 82. Kò nà, àmọ́ tí a bá gé e ní ìdábùú ó ń rọra bọ́ sílẹ̀ lára: ẹ gbé e kọ́ fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀. Yáàdì 5 àtààbọ̀. Píìnnì tó nípọn máa ń fi ihò sílẹ̀ tí kì í di, àárín àfikún ìrán nìkan ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè fi àpá hàn lójú dídán rẹ̀, nítorí náà ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, láìfọ́n omi sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà, kó gbé e lọ fún dáráì-kílíìnì.

Kóódúrọ́ì àwọ̀ ewé

Ìlà 8 ní ínǹṣì kan, nítorí náà ó nípọn lójú. Ìbú tó wúlò ínǹṣì 56, sẹ̀ńtímítà 142. Ìwúwo gíráàmù 300. Nínà kò sí. Ẹ fi ọwọ́ pá a sísàlẹ̀, ó dán. Ẹ pá a sókè, kò dán mọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣókùnkùn sí i. Gbogbo ègé pátánì gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bí apá kan bá kọjú sókè, tí èkejì kọjú sílẹ̀, á dà bí aṣọ méjì.

Yáàdì 4 àti ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù, ìparí róòlù ni. Ínǹṣì 5 tó kẹ́yìn ní àpá ìṣẹ́po tí mi ò lè lọ̀ kúrò, mi ò sì kà á mọ́ ọn. Odindi ni mo máa tà á, mi ò ní gé e, nítorí bí ẹnìkan bá mú yáàdì 2, ohun tó kù lè má tó jákẹ́ẹ̀tì fún ẹni kejì.