Igi, Ọwọ́ àti Ìmọ́lẹ̀: Fọ́tò fún Ilé Iṣẹ́ Káfíńtà Ọmọ Ìyá Mẹ́ta

Oníbàárà: káfíńtà ọmọ ìyá mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan àti àbúrò obìnrin méjì. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn níbí, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí n sọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi: fọ́tò ọjà 19, fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ 6, fún ìwé ọjà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ àti ìkànnì wọn. Ọjọ́ 2 la fi yà á.

Tábìlì tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Ẹ̀gbọ́n wọn fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ yìí gan-an ni kí wọ́n rí o." Ẹni tó ya ọjà wọn ṣáájú mi ti sọ àga wọn di pupa nínú fọ́tò. Àwọn tó rà á dá 4 padà, torí àwọ̀ tí wọ́n rí lójú fóònù kọ́ ni wọ́n bá nígbà tí ẹrù dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ náà lé.

Ohun tó ń ba àwọ̀ igi jẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Gílóòbù oníná pupa wà lókè, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn méjèèjì sì ń jà lára igi kan náà. A pa gbogbo iná. Fèrèsé kan ṣoṣo la lò, a sì gbé pátákó funfun sí òdìkejì kí òjìji má bàa ṣú jù. Kí n tó ya ọjà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń gbé káàdì aláwọ̀ eérú tì í, èyí tí mo fi ń mú àwọ̀ bọ̀ sípò lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo parí, a gbé tábìlì àti fọ́tò rẹ̀ tira wọn lójú fèrèsé náà. Àbúrò tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wò wọ́n títí, ó ní, "Òun nìyí."

Fáníṣì ojú tábìlì ń dán mọ́ mi lójú. Mo fi gíláàsì tó ń pa dídán sẹ́nu lẹ́ńsì, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ojú igi fi hàn, ṣùgbọ́n mi ò pa dídán náà tán. Fáníṣì tí kò dán mọ́ a dà bí igi tí wọn ò tíì kùn. Lẹ́ńsì 90mm ni mo lò, mo sì dúró jìnnà, kí ẹsẹ̀ àga má bàa dà bí èyí tó wọ́. f/8 àti ISO 100 ni mo lò, nítorí náà kámẹ́rà pẹ́ lẹ́nu àwòrán kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ onípákó sì ni. Tí ẹnìkan bá gbẹ́sẹ̀, ó ti mì. Gbogbo ilé ló ń dúró gbári nígbàkúùgbà tí mo bá ní "Ó yá!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún sùúrù yẹn.

Fọ́tò kẹfà: ọwọ́ abíkẹ́yìn lórí ìfági. Èérún igi ń ká jáde láti ẹnu irin, ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Òun ló ní kí ojú òun má hàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ wọn tún ní òun ò fẹ́ kí fọ́tò òun jáde rárá. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kò sí níbí. Gbogbo ẹni tí ẹ rí ti wo fọ́tò tirẹ̀, ó sì ti gbà kí n tó gbé e síta.

Àbúrò tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ló ya àpẹẹrẹ tábìlì yẹn sórí bébà, ẹ̀gbọ́n ló rẹ́ igi tó sì kàn án, abíkẹ́yìn ló fá a tó kùn ún. Fọ́tò àti àtúnṣe àwọ̀ ni tèmi. Ọmọṣẹ́ mi ló di pátákó funfun mú fún odindi ọjọ́ 2. Eruku nìkan ni mo pa rẹ́ nínú fọ́tò. Kókó igi àti ojú oríkèé wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Wọ́n gba fọ́tò 25 náà ní oríṣi méjì: TIFF 300 dpi fún ìtẹ̀wé, àti JPEG sRGB tí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 2048 fún ìkànnì. Ẹ̀tọ́ lórí àwọn fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi. Àwọn oníbàárà lè lò ó nínú ìwé ọjà àti ìkànnì wọn láìsan owó mìíràn. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ lò ó, kó gba àṣẹ lọ́wọ́ èmi àti àwọn.

Tí ẹ bá ní ọjà onígi, aláwọ tàbí aláṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yí padà, ẹ gbé ẹyọ kan wá. Èmi yóò yà á, a ó sì gbé e ti fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó pinnu.