Ọpẹ́, àti ìbéèrè díẹ̀, lórí ìwé yín nípa ipò alábòójútó sítọ́ọ̀

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.

Mo rí ìwé yín ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé ẹlòmíràn ni ẹ mú fún ipò alábòójútó sítọ́ọ̀ oògùn àti ohun èlò ìwòsàn. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀, tí ẹ kò fi mí sílẹ̀ kí n máa wojú ọ̀nà. Mo fẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, nítorí náà ìròyìn náà dùn mí, ṣùgbọ́n mo gba ìpinnu yín. N kò kọ ìwé yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ yí i padà. Ẹ bá mi kí ẹni tí ẹ mú kú oríire. Kí iṣẹ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Àkọsílẹ̀ bí ẹrù ṣe jáde fún ọjọ́ 60 ni wọ́n gbé síwájú mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí a béèrè ẹrù àti ọjọ́ tó wọlé, wọ́n sì ní kí n sọ iye tó yẹ kó kù lórí pẹpẹ kí a tó tún ra òmíràn. Ìbéèrè tí alábòójútó sítọ́ọ̀ máa ń dáhùn lẹ́nu iṣẹ́ gan-an nìyẹn, inú mi sì dùn pé ohun tí wọ́n fi wọ̀n wá nìyẹn, tí kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni àlàyé. Ẹ kọ ọ́ pé ìrírí ẹni tí ẹ mú ló sún mọ́ ohun tí ẹ nílò jù lọ. Ọ̀rọ̀ náà yé mi, àmọ́ oríṣiríṣi ni ìrírí, n kò sì fẹ́ lọ lo ọdún kan lórí èyí tí kì í ṣe òun ni mo ṣaláìní. Mo ti gbìyànjú láti jẹ́ kí ìbéèrè mi ṣe é dáhùn ní gbólóhùn kan ṣoṣo.

Èkíní, tó sì ká mi lára jù, ni ọ̀rọ̀ oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Wọ́n bi mí pé kí ni màá ṣe bí mo bá dé ní òwúrọ̀ tí tẹmọ́mítà firíìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára fi hàn pé ó ti gòkè kọjá 8 °C lóru. Mo dáhùn pé màá kó wọn lọ sínú firíìjì mìíràn tó wà láàárín 2 °C sí 8 °C, màá lẹ ìwé mọ́ wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ jáde, màá kọ bí ó ṣe gòkè tó àti wákàtí tó fi wà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, màá sì fi ọ̀rọ̀ náà tó apòògùn létí kó lè bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe oògùn náà. Mo ní a kò gbọ́dọ̀ dà wọ́n nù, a kò sì gbọ́dọ̀ kó wọn jáde, títí èsì yóò fi dé. Mo fi kún un pé dídì léwu tó gbígbóná, nítorí àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí yìnyín máa ń bà jẹ́ pátápátá, tí ẹni tó ń wò wọ́n lójú lásán lè má mọ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé ìdáhùn yẹn ló kù díẹ̀ káàtó, àbí ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ bójú tó yàrá òtútù rí ni ẹ ń wá? Ọ̀nà méjèèjì kò jọra. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ ni, mo lè lọ kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ìwé ẹ̀rí kankan kò lè dípò rẹ̀. Ó di dandan kí n lọ wá ibi tí màá ti ṣe é, bó tiẹ̀ jẹ́ ní ipò tó kéré sí èyí tí mo béèrè lọ́wọ́ yín.

Èkejì ni ti ẹrù tó dín. Kọ̀ǹpútà ní 312 ni àpò ìfàjẹ̀síni tó wà, a ka pẹpẹ, a bá 288. Mo sọ pé kí a dá ẹrù yẹn dúró ná, kí ẹlòmíràn tí kò mọ iye tó wà lórí kọ̀ǹpútà tún un kà, lẹ́yìn náà kí a wo àwọn ìwé tí a kò tíì tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, pẹpẹ ẹ̀gbẹ́, àti ibi tí a ń kó ohun tó bàjẹ́ sí. Mo tọ́ka sí i pé 24 tó dín yẹn jẹ́ páálí kan géérégé, tó fi jọ pé páálí odidi kan jáde láìsí ìwé, tàbí pé wọ́n fo páálí kan nígbà tí wọ́n ń kà á, ju kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ń mú un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí pé ta ló ń fọwọ́ sí àtúnṣe iye orí kọ̀ǹpútà, mo ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ka ẹrù, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kó o jáde. Ọ̀kan lára wọn kọ nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìlànà tiyín yàtọ̀, tàbí pé mo pẹ́ jù kí n tó dé orí ìdáhùn, màá fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta kúrú. Ṣé ohun tí mo sọ nípa àbójútó òṣìṣẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn? Apá tí mo sọ̀rọ̀ lé lórí kéré jù nìyẹn, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí òfin ilé iṣẹ́ yín kò bá gbà yín láyè láti kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀, ó yé mi. Ìpè fóònù ìṣẹ́jú 10 á tó, ní àkókò tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, n kò sì ní gba ohùn yín sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìbéèrè èkíní nìkan lẹ lè dáhùn, mo dúpẹ́ tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ní ti ọjọ́ iwájú: mo gbà pé kí ẹ fi ìwé mi pamọ́ fún oṣù 12, kí ẹ sì lò ó fún ipò mìíràn láìtún béèrè lọ́wọ́ mi. Mo lè ṣe igbákejì alábòójútó, akọ̀wé ẹrù, tàbí agbẹrù-wọlé, mo sì lè dúró fún òṣìṣẹ́ tó lọ ìsinmi. Iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ nígbà kíka ẹrù òpin ọdún náà wù mí, pàápàá bó bá máa gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ yàrá òtútù. Bí ẹni tí ẹ mú kò bá lè wọlé fún ìdí kan, ẹ má ṣe rò pé ìwé yín ti bí mi nínú. Mo ṣì wà ní àrọ́wọ́tó. Ọjọ́ 30 ni màá fi sọ fún ibi tí mo wà báyìí kí n tó lè kúrò. Nọ́ńbà fóònù mi kò yí padà, òun náà ló wà lórí ìwé tí mo fi béèrè iṣẹ́. N kò ní máa dà yín láàmú: bí ipò mìíràn bá yọ tí mo rí i, màá béèrè fún un bí gbogbo ènìyàn ṣe ń béèrè, màá sì sọ ọ́ nínú ìwé mi pé a ti pàdé rí.

Mo so ojú ìwé kan mọ́ ìwé yìí, lórí ìṣirò ìbọ̀wọ́ tó wà nínú ìdánwò. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ yín ní òun ì bá fẹ́ kí àkókò wà láti jíròrò rẹ̀. Ẹ bá mi fún un. Kò pọn dandan kó dáhùn.

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Adéṣínà

Ìwé tí a so mọ́ ọn: ìṣirò ìbọ̀wọ́

Páálí 40 ló ń jáde lójúmọ́ bí a bá pín in dọ́gba, 55 sì ni ọjọ́ tó pọ̀ jù. Ẹrù ń gba ọjọ́ 12 kó tó dé, ìgbà tó pẹ́ jù ni ọjọ́ 16. Nítorí náà, páálí 480 la ó lò kí òmíràn tó dé. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni iye ẹrù ìpamọ́ tó yẹ ká fi lé e:

```
(55 × 16) − (40 × 12) = 400
1.65 × √(12 × 6² + 40² × 2²) ≈ 136.4, a sọ ọ́ di 137
```

Ìlà kìíní ni mo lò nínú ìdánwò, tó mú kí n sọ pé kí a tún ra òmíràn nígbà tó bá ku 880. Ó máa ń pọ̀ jù, nítorí ó gbà pé ọjọ́ tí ẹrù jáde jù àti ọjọ́ tí ẹrù pẹ́ jù yóò bọ́ sí àkókò kan náà. Ìlà kejì wo bí iye ojúmọ́ ṣe ń lọ sókè sódò sí 40, ìyẹn páálí 6, àti bí ọjọ́ dídé ṣe ń yàtọ̀ sí 12, ìyẹn ọjọ́ 2; òǹkà 1.65 ni a fi ń ṣọ́ ọ kí ẹrù má tán nínú ìgbà 95 nínú 100 tí a bá ra ọjà. Ó fún wa ní 617. Ìyàtọ̀ páálí 263 kì í ṣe owó kékeré, kì í sì í ṣe àyè kékeré nínú sítọ́ọ̀.

Ìdí tí mo fi yan ìlà kìíní ni pé nínú ọjọ́ 60, ẹrù kò lè dé ju bí ìgbà márùn-ún lọ bó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn la ń béèrè wọn. Ọjọ́ 2 yẹn dúró lórí ẹ̀rí tó kéré gan-an, ìṣirò tó sì dára tí a gbé ka ẹ̀rí kékeré lè tan ni. Bí mo bá ní àkọsílẹ̀ ọdún kan, ìlà kejì ni màá lò fún ìbọ̀wọ́, màá sì fi ìlà kìíní sílẹ̀ fún ohun tí aláìsàn lè kú bó bá tán.

Ohun kan tún hàn nínú ìlà kejì. Nínú 6,832 tó wà lábẹ́ àmì yẹn, ìdádúró ẹrù nìkan ló kó 6,400. Bí ẹni tó ń tà fún wa bá lè mú ìyàtọ̀ ọjọ́ dídé wá sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 1, ẹrù ìpamọ́ á já láti 137 sí 75. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé bíbá ẹni tó ń tà fún wa sọ̀rọ̀ yóò ṣe wá láǹfààní ju títún ìṣirò ojúmọ́ ṣe lọ. Èrò ọ̀gá sítọ́ọ̀ lórí èyí ni mo fẹ́ gbọ́ jù.