Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí Bùnmi: ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Ṣágámù dé

Àǹtí Bùnmi mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwa àbúrò yín. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọjọ́ kẹta tí ẹ dárúkọ mi fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi yẹn ni wọ́n pè mí. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣaláìrí olùrànlọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Ìbéèrè ẹnu ò gùn, kò pé ogún ìṣẹ́jú. Yàrá àyẹ̀wò gan-an ni iṣẹ́ wà. Wọ́n gbé omi mẹ́ta síwájú mi pé kí n wo pH wọn. Ọ̀kan jẹ́ 5.9, mo ní kò gbọdọ̀ jáde, torí láàárín 6.5 sí 8.5 ló yẹ kó wà. Wọ́n tún gbé ìgò méjì wá, pé èwo ni n óò fi bu omi tó ní kílórínì fún àyẹ̀wò kòkòrò. Èyí tí wọ́n ti fi sódíọ̀mù taosọ́fétì sí ni mo mú. Bí kò bá sí i, kílórínì á ṣì máa pa kòkòrò nínú ìgò, èsì á wá gbé omi ẹlẹ́gbin jáde bí omi tó mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nìyẹn o, ọ̀gá wọn sì mi orí.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni mítà pH. Mo ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ la máa ń fi omi 4, 7 àti 10 tún un ṣe. Tiwọn, àràárọ̀ ni, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jàre.

Àwa mẹ́ta ló kù. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni n óò rí mánéjà tó ń bójú tó ìpèsè. Bí ó bá yọrí, àyẹ̀wò ara àwọn tó ń fọwọ́ kan ohun jíjẹ ló kàn.

Wọ́n á fi fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ọjọ́ márùn-ún péré ni líǹkì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo Spam. Ohun tí mo kọ ni pé a jọ ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹta 2019 di oṣù kẹjọ 2022, olùrànlọ́wọ́ ni mo jẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, n kì í ṣe alábòójútó. Bí ọjọ́ tiwa bá yàtọ̀ síra, wọ́n á dá ìwé náà dúró. Bí wọ́n bá béèrè iye tí mo ń gbà, ẹ ní kí wọ́n bi mí.

Ẹ bá mi pa á mọ́ nínú gúrúùpù Wọ́sáàpù wa. Oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ fún àwọn ará ibí kí n tó lọ, mi ò sì ní kọ̀wé sílẹ̀ títí n óò fi rí lẹ́tà tí wọ́n bu ọwọ́ lù.

N óò pè yín ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, lẹ́yìn aago mẹ́fà.

Àbúrò yín,
Tóyìn