Ìwé ìdáhùn lórí ìpè fún ìtọ́jú yàrá òtútù mọ́kànlá

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Ìrajà,

Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n,

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ ka ilé-iṣẹ́ wa mọ́ àwọn tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, láti wá du iṣẹ́ ìtọ́jú yàrá òtútù mọ́kànlá tí ẹ ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára pamọ́ sí. A ka ìwé náà tán pátápátá, àwọn amọṣẹ́ wa méjì sì bá yín lọ wo ibùdó méjì ní ọjọ́ 3, oṣù yìí. Lẹ́yìn tí a jókòó ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà yóò gbà, a pinnu pé a kò ní fi iye owó sílẹ̀ fún un. A tètè kọ̀wé kí ẹ má baà máa retí wa títí di ọjọ́ 24 tí ẹ óò gba ìwé ìkẹyìn, kí ẹ sì lè mọ iye àwọn tí yóò díje ní tòótọ́.

Iṣẹ́ náà wù wá gidigidi. Ohun tó dá wa dúró ni ìpín keje, níbi tí ẹ ti ní agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ dé ibikíbi tí ẹ̀rọ bá ti kọṣẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rin, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀tọ́ yín ni ẹ bèèrè. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì; bí ooru bá mú wọn jù, agbára wọn á máa dínkù, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá lè dì pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. Amọṣẹ́ mẹ́fà ni a ní tó mọ irú ẹ̀rọ yìí tinú-tòde, mẹ́rin nínú wọn sì wà lẹ́nu iṣẹ́ kan tí kò ní parí títí di òpin oṣù Kọkànlá. Àwọn méjì tó kù kò lè ká ibùdó mọ́kànlá. Bí a bá tọwọ́ bọ ìwé pé a ó máa dé, tí kọ̀npírẹ́sọ̀ wá kú ní ibùdó tó jìnnà jù lọ ní aago méjì òru, tí tẹmomítà ẹnu ọ̀nà ń gun òkè láti 6 dé 9, láti 9 dé 11, tí amọṣẹ́ wa ṣì wà lójú ọ̀nà, kò sí owó ìtanràn tí yóò dá ohun tó bàjẹ́ padà fún yín. A rò ó bóyá kí a yá ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn lò, ṣùgbọ́n ìpín kejìlá kò gba èyí láyè.

Nígbà tí à ń ka ìwé yín, a ṣàkíyèsí ohun kan tí kò yẹ kí a dákẹ́ lé lórí. Ojú ewé 23 sọ pé gbogbo yàrá mọ́kànlá ni yóò wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán kẹta fi yàrá kẹsàn-án hàn gẹ́gẹ́ bíi yàrá dídì, tí yóò wà ní ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀rọ méjèèjì yàtọ̀, ohun èlò àtúnṣe wọn yàtọ̀, owó wọn kò sì lè dọ́gba. Bí ẹ bá ṣàlàyé èyí fún gbogbo olùdíje lẹ́ẹ̀kan náà kí ọjọ́ ìbéèrè tó kọjá, iye owó tí wọn óò mú wá yóò ṣeé fi wéra.

Ẹ̀bẹ̀ tí a wá bẹ̀ yín ni pé kí orúkọ wa má ṣe kúrò lórí ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe yín. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bákan náà ni wọ́n ń ka ẹni tó kọ̀wé pé òun kò ní díje àti ẹni tí kò dáhùn rárá, tí wọn á sì yọ àwọn méjèèjì kúrò bó bá yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwé yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ìwé ẹ̀rí owó orí wa àti ti adójútòfò, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ dọ̀tun, wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí kí fáìlì wa lọ́dọ̀ yín má baà gbó.

Bí ẹ bá ní iṣẹ́ àyẹ̀wò tẹmomítà, tàbí ti wíwọn bí òtútù ṣe tàn kálẹ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan nínú yàrá, a lè ṣe é nísinsìnyí pàápàá, nítorí pé ọjọ́ tí a jọ mú ni a ó wá, kì í ṣe ìpè òru. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, àwọn amọṣẹ́ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò ti padà dé, a ó sì lè du iṣẹ́ ìtọ́jú tó tóbi bí èyí.

A ti pa àwọn àwòrán ibùdó yín rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wa, a sì ti gé ẹ̀dà méjì tí a tẹ̀ sórí ìwé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A kò ní bá olùdíje kankan sọ ohun tó wà nínú wọn.

Inú wa yóò dùn bí ẹ bá lè fi ìlà kan dá wa lóhùn pé orúkọ wa ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni yín ní tòótọ́,
Alákòóso Ọ̀rọ̀ Àdéhùn,
fún ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ òtútù